Ẹ̀yán Tó Ṣi Ilé Wọ̀

"A ń wá olùtọ́jú fún ọmọ tí kì í mu ọtí." Ká sọ pé ẹ rí irú ìkéde yìí lára ògiri níbì kan. Kò sí àṣìkọ kankan nínú rẹ̀. Àmì ohùn pé, ọ̀rọ̀ ìṣe wà níbi tó yẹ kó wà, olùkọ́ tó bá sì fẹ́ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ nǹkan kan níbẹ̀ á wá a tì. Àmọ́ ẹ tún un kà. Ọmọ ni ìkéde náà sọ pé kì í mu ọtí. Ti olùtọ́jú, kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀mùtí paraku. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ ọ́ ni pé òun ò fẹ́ kí ọ̀mùtí fọwọ́ kan ọmọ òun, ohun tó wá kọ ni pé ọmọ òun kì í mutí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le: "A ń wá ẹni tí kì í mu ọtí láti máa bá wa tọ́jú ọmọ." Gbólóhùn "tí kì í mu ọtí" ti kúrò lẹ́yìn "ọmọ", ó ti lọ dúró ti ẹni tó ni ín. Ọ̀rọ̀ inú ìkéde náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, ibi tí wọ́n dúró sí ló yí padà, ìtumọ̀ sì yí padà pátápátá.

Ọ̀rọ̀ tàbí awẹ́ gbólóhùn tó bá ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ orúkọ láti sọ irú èyí tó jẹ́, iye rẹ̀, ẹni tó ni ín tàbí ohun tó ṣe, ẹ̀yán ni àwọn onímọ̀ èdè wa ń pè é. Ẹni tó bá ka ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá, tó jáde ní 1990, á bá orúkọ náà pàdé níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni bí ẹ̀yán ṣe máa ń ṣi ilé wọ̀, tí gbólóhùn tí kò ní àléébù kankan á sì máa sọ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ kò ní lọ́kàn rárá.

Bí èdè Yorùbá ṣe ń to ọ̀rọ̀ wà lára ohun tó ń fà á. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ orúkọ ló máa ń ṣáájú, ẹ̀yán á sì máa tẹ̀lé e: ilé ńlá, ilé ńlá mẹ́ta, ilé ńlá mẹ́ta tí wọ́n wó lánàá. Ẹni tó ni nǹkan náà, ẹ̀yìn ló ń tẹ̀lé: ilé Àjàyí, aṣọ ìyàwó. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ orúkọ méjì bá tò tẹ̀léra, tí ẹ̀yán kan wá bá wọn lẹ́yìn, ẹ̀yán yẹn lè jẹ́ ti àkọ́kọ́, ó sì lè jẹ́ ti ìkejì. "Aṣọ ìyàwó tuntun" ńkọ́? Bóyá aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ni, bóyá aṣọ tó jẹ́ ti ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé ni. Àpólà náà gba ìtumọ̀ méjèèjì láìsí ìjà.

Níbi tí ìtumọ̀ méjèèjì bá ti bọ́gbọ́n mu, ẹni tó ń kà á á máa rò ó lọ títí. Níbi tí ọ̀kan bá ti burú, ìyẹn ni ẹ̀rín àti ẹ̀sín ń gbà wọlé. Ẹ wo ìkéde ọjà yìí: "A ń ta aṣọ obìnrin olówó pọ́ọ́kú." Aṣọ ni ọlọ́jà fẹ́ sọ pé kò wọ́n. Ṣùgbọ́n "obìnrin" ló sún mọ́ "olówó pọ́ọ́kú" jù, ojú ẹni tó ń kà á á sì kọ́kọ́ so àwọn méjèèjì pọ̀, kó tó rántí pé aṣọ wà níwájú. Ìwọ̀sí ni fún oníbàárà tí ọlọ́jà fẹ́ pè wọlé. Bí ó bá kọ "Aṣọ olówó pọ́ọ́kú fún àwọn obìnrin", kò sẹ́ni tó máa ṣì í lóye.

Òfin tí ọkàn òǹkàwé ń tẹ̀ lé kò ju èyí lọ: ohun tó bá sún mọ́ ẹ̀yán jù lọ ni ẹ̀yán máa kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́. Òǹkàwé kì í dúró kó gbólóhùn tán kó tó máa wá ìtumọ̀, bó ṣe ń kà ló ń so ọ̀rọ̀ pọ̀. Bí ohun tó so pọ̀ kò bá bá òye mu, á padà sẹ́yìn lọ tún un so. Bó bá bá òye mu, kò ní padà rárá, àṣìlóye náà á sì bá a lọ sílé. Èyí ni ẹ̀rù tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Gbólóhùn tó pani lẹ́rìn-ín kò léwu tó èyí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tó sọ ohun tí kò yẹ kó sọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì fura.

Awẹ́ gbólóhùn tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "tí" ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ jù, nítorí pé ó máa ń gùn, òun la sì fi ń sọ èyí tí a ní lọ́kàn gan-an. Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan láti inú ìwé ìpín ogún. Èmi ni mo hun ún fún àlàyé, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti bá ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ ogún. Bàbá kan kọ ọ́ pé: "Mo fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń gbé ní Ìbàdàn ní ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi kọ́."

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo apá tó kẹ́yìn. Kí ni bàbá rẹ̀ kọ́, ṣé ilé ni àbí ṣọ́ọ̀bù? "Ṣọ́ọ̀bù" ló sún mọ́ "tí bàbá mi kọ́". Ká ní ṣọ́ọ̀bù méjì ni olóògbé náà ní. Èyí tó wà lọ́jà, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó wà ní oríta, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ ilé tó wà lẹ́yìn tiẹ̀. Bí a bá so "tí bàbá mi kọ́" mọ́ ṣọ́ọ̀bù, ilé tó wà ní oríta ló fi tọrẹ. Bí a bá so ó mọ́ ilé, ilé tó wà lọ́jà ni. Ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn láti inú gbólóhùn kan ṣoṣo.

Apá ti àkọ́kọ́ tún wá jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ló ń gbé ní Ìbàdàn? Ká ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ọmọ márùn-ún, mẹ́ta ń gbé ní Ìbàdàn, méjì ń gbé ní Ìlọrin, ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ sì ń gbé ní Ìbàdàn. Bí "tí wọ́n ń gbé ní Ìbàdàn" bá jẹ́ ti àwọn ọmọ, àwọn mẹ́ta ló ni ilé, àwọn méjì tó wà ní Ìlọrin kò rí nǹkan kan gbà. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n, tí olóògbé kàn fẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun tó wà ní Ìbàdàn lòun ń wí, pé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n òun mìíràn, àwọn ọmọ márààrún ló máa pín in.

Ẹnì kan lè sọ pé "wọ́n" ti yanjú rẹ̀, nítorí pé ẹni púpọ̀ ni "wọ́n", ẹ̀gbọ́n sì jẹ́ ẹnì kan. Ní èdè wa, kò yanjú rẹ̀. "Wọ́n" kan náà la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ta ló sì yẹ kéèyàn bọ̀wọ̀ fún bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Bó bá jẹ́ "àwọn ọmọ àbúrò mi tí wọ́n ń gbé ní Ìbàdàn" ló kọ, iyèméjì á dín kù, nítorí a kì í sábà pe àbúrò ẹni ní "wọ́n", ọmọ làá so ó mọ́. Ó jọ mí lójú púpọ̀ pé ọ̀wọ̀ tí olóògbé ní fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa sọ ogún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n náà di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn. Bí a bá sì fi "tó" rọ́pò "tí wọ́n", ibi kan náà la ṣì wà, torí "tó" bá ẹnì kan mu, ó bá ẹni púpọ̀ náà mu: "ọmọ tó wá", "àwọn ọmọ tó wá".

Bó bá jẹ́ ẹnu ló fi sọ ọ́, ó lè fara hàn. Á dánu dúró díẹ̀ lẹ́yìn "ẹ̀gbọ́n mi" tàbí kó nawọ́ sí ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n náà, àwọn tó jókòó tì í á sì mọ ohun tó ń wí, tàbí kí wọ́n bi í. Ìwé kì í dánu dúró, ẹni tó kọ ọ́ náà ti kú, kò sí ẹni tí wọ́n lè bi. Ẹni tó bá fẹ́ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní láti tú gbólóhùn rẹ̀ palẹ̀: "Ilé kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi tó wà lọ́jà. Bàbá mi ló kọ́ ilé náà. Mo fi ilé yìí fún mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi." Kó wá kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gùn díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì dùn-ún gbọ́ tó o, ṣùgbọ́n kò sí ẹjọ́ kankan nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọn ò sì fẹnu kò níbẹ̀. Ẹjọ́ Lockhart ni wọ́n ń pè é, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún 2016 ni wọ́n sì dá a. Wọ́n mú ọkùnrin kan pé ó ní àwòrán ìṣekúṣe tí wọ́n fi àwọn ọmọdé yà lọ́wọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹ̀wọ̀n irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10 bí ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ kan bá ti dá a lẹ́bi tẹ́lẹ̀ lórí irú ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta kan. Bí a bá fi Yorùbá gbé e kalẹ̀, bí òfin náà ṣe to àwọn ẹ̀ṣẹ̀ náà rèé: ìfipábánilòpọ̀ tó burú jáì, ìfipábánilòpọ̀, tàbí ìwà ìbálòpọ̀ tí kò tọ́ tó kan ọmọdé tàbí ẹni tó wà lábẹ́ àbójútó ẹlòmíràn.

Wọ́n ti dá ọkùnrin náà lẹ́bi rí ní ìpínlẹ̀ Niu Yọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n àgbàlagbà obìnrin ni ẹni tó ṣẹ̀ nígbà náà. Gbogbo ẹjọ́ wá dúró lórí ibi tí gbólóhùn "tó kan ọmọdé" lẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó kẹ́yìn nìkan ló lẹ̀ mọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ àgbàlagbà wọ inú àwọn méjì tó ṣáájú, ọdún 10 sì di dandan fún un. Bó bá jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá wí, ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ yẹn kò kàn án, ọdún 10 kì í sì í ṣe dandan mọ́.

Adájọ́ mẹ́fà ló sọ pé èyí tó sún mọ́ ọn jù, ìyẹn èyí tó kẹ́yìn, nìkan ló bá wí. Adájọ́ Sonia Sotomayor ló kọ ìdájọ́ wọn, wọ́n sì tún wo bí àwọn ẹ̀ka òfin mìíràn lórí irú ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe tò. Àwọn méjì ta kò wọ́n. Adájọ́ Elena Kagan ló kọ tiwọn, ó ní nígbà tí nǹkan mẹ́ta tó jọra bá tò tẹ̀léra, tí ẹ̀yán kan wá kẹ́yìn wọn, gbogbo wọn ni elédè máa ń gbọ́ pé ó bá wí. Ní tèmi, èdè ojoojúmọ́ gbè sẹ́yìn Kagan. Bí ìyá kan bá ní "ẹ ra ata, tòmátì àti àlùbọ́sà tí kò tíì rà", ta ló máa ra ata tó ti rà wálé? Síbẹ̀, àwọn mẹ́fà náà kì í ṣe òpè, gbólóhùn òfin náà ló fàyè sílẹ̀ fún méjèèjì. Bí ẹni tó kọ òfin bá ti kọ́kọ́ mẹ́nu ba ọmọdé, kó tó wá to ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹjọ́ yẹn ò bá má ti wáyé.

Ẹ̀yà kejì àṣìṣe yìí yàtọ̀ díẹ̀. Nínú èyí, kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé onílé, ẹni tó ni ín ni kò sí nínú gbólóhùn rárá. Ẹ gbọ́ eléyìí: "Lẹ́yìn wíwakọ̀ fún wákàtí méjì, màlúù mẹ́ta já wọ ojú ọ̀nà." Ta ló wakọ̀? Ẹnikẹ́ni ò sí nínú gbólóhùn náà àyàfi màlúù. Ẹ wo èyí náà: "Lẹ́yìn fífọ gbogbo abọ́ tán, ìyá wa pè wá wá jẹun." Bó bá jẹ́ àwọn ọmọ ló fọ abọ́, gbólóhùn náà ti fún ìyá ní iṣẹ́ tí kò ṣe, kò sì pani lẹ́rìn-ín, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa fura.

Ibi tó ti ń wá ni pé a sọ ọ̀rọ̀ ìṣe di ọ̀rọ̀ orúkọ: wà di wíwà, fọ̀ di fífọ̀. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kò tún nílò olùwà mọ́, a lè gbàgbé olùṣe sẹ́yìn láìmọ̀. Yorùbá tó ń jáde lẹ́nu wa fúnra rẹ̀ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nílé á ní "Nígbà tí a ti wakọ̀ fún wákàtí méjì, màlúù mẹ́ta já wọ ojú ọ̀nà", "a" yẹn á sì ti sọ ẹni tó wakọ̀. Nínú lẹ́tà ìjọba àti nínú ìròyìn tí wọ́n sáré túmọ̀ ni "lẹ́yìn ṣíṣe èyí" àti "nípa ṣíṣe ìyẹn" ti ń pọ̀ jù. Bí ẹ bá rí wọn nínú ohun tí ẹ kọ, ẹ dá olùṣe padà sáàyè rẹ̀.

Níbí yìí, mo fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn olùkọ́ tó máa ń sọ pé olùwà olórí gbólóhùn ló gbọ́dọ̀ jẹ́ olùṣe iṣẹ́ tó ṣáájú. Òfin náà kò bá Yorùbá mu délẹ̀délẹ̀. "Lẹ́yìn rírìn fún wákàtí mẹ́ta, ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa wá." Ebi ni olùwà níbí, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá kan tó máa gbọ́ ọ pé ebi ló rìn. Bí èdè wa ṣe rí nìyẹn: ebi ló ń pani, òùngbẹ ló ń gbẹni, oorun ló ń kunni, inú ẹni ló ń dùn. Ẹni tí nǹkan náà ń ṣe kì í wà nípò olùwà, àmọ́ ó wà níbẹ̀, nínú "wa", "mi" tàbí "rẹ̀". Ìbéèrè tó yẹ ká bi gbólóhùn ni bóyá olùṣe wà nínú rẹ̀ níbi tí òǹkàwé ti lè rí i láìwá a kiri. Nínú ti ebi, ó wà. Nínú ti màlúù, kò sí.

"Ó" náà máa ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀, nítorí kò yà ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. "Nígbà tí ó ń sunkún, ìyá Ṣadé gbá a mọ́ra." Ó lè jẹ́ ìyá ló ń sunkún, ó lè jẹ́ Ṣadé, ó lè jẹ́ ẹlòmíràn tí wọ́n ti dárúkọ ṣáájú. Ẹ fi orúkọ ṣáájú, kí "rẹ̀" tẹ̀lé e: "Nígbà tí Ṣadé ń sunkún, ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra." Ó tán.

Ti ọjọ́ àti àkókò ló kù, èyí tó máa ń ba ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé jẹ́. "Alága sọ pé wọ́n jí àpótí owó gbé ní ọjọ́ Àìkú." Ṣé ọjọ́ Àìkú ni alága sọ̀rọ̀, àbí ọjọ́ Àìkú ni olè wọlé? Bí wọ́n bá ń wá ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí olè jà, ìyàtọ̀ ńlá ni. Èdè wa sì ní irinṣẹ́ tó rọrùn fún un, ìyẹn "ni", tó ń gbé ohun tí a fẹ́ tẹnu mọ́ síwájú: "Alága sọ pé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n jí àpótí owó gbé." Irinṣẹ́ kan náà ló ń tún "nìkan" ṣe. "Ẹgbẹ́ yìí ń yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lówó nìkan" lè túmọ̀ sí pé wọn kì í yá ará ìta, ó sì lè túmọ̀ sí pé owó ni wọ́n ń yáni, wọn kì í yáni ní àga. Ẹ sọ pé "Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ni ẹgbẹ́ yìí ń yá lówó", tàbí "Owó nìkan ni ẹgbẹ́ yìí ń yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́", èyíkéyìí tó bá jẹ́ òótọ́.

Ẹni tó kọ gbólóhùn kì í sábà rí àṣìṣe yìí fúnra rẹ̀, torí ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó kọ ọ́, ojú rẹ̀ á sì máa ka ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀nà tí mo mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo "tí" àti "tó" tó wà nínú ìwé náà, kí ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní "ta ni?" tàbí "kí ni?", kí ẹ sì fi ìka lé ọ̀rọ̀ orúkọ tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Bí ìdáhùn yín àti ìka yín kò bá bọ́ sí ibì kan náà, ẹ tún un tò. Bó bá jẹ́ ìwé ogún, ìwé ilẹ̀ tàbí òfin ẹgbẹ́ ni, ẹ tún fún ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà kó kà á, kó sì sọ ohun tó gbọ́ fún yín, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.